Láti Heathrow dé Queens Road Peckham: Ímeèlì sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Bọ̀

Olùkọ́ wa ní kí kálukú wa kọ àlàyé kan tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé láìsí pé ó tún ń pe ẹnikẹ́ni láti bèèrè ọ̀nà. Èmi ti ní èyí tí mo fẹ́ kọ nílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ń bọ̀ wá kàwé ní New Cross, ọ̀dọ̀ wa ní Peckham ló sì máa kọ́kọ́ dé sí. Lọ́jọ́ tó máa dé, Dádì wà níbi iṣẹ́ alẹ́, Mọ́mì kò ní tíì délé, ẹnikẹ́ni kò sì lè lọ pàdé rẹ̀ ní Heathrow. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ímeèlì yìí. Mọ́mì kà á, ó fi ọ̀rọ̀ kún un, mo sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà ilé kúrò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀yin náà bá ní ẹbí tó ń bọ̀ wá sí apá ibí, ẹ lè yí i padà fún tiyín.

Kókó: Bí ẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí ẹ máa dì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ bá mi kí Màmá àgbà àti gbogbo ilé. Mọ́mì ní kí n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, torí pé èmi ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì àti tírèénì lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ímeèlì yìí sórí bébà. Bátìrì fóònù lè tán, bébà kì í kú.

Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín rárá. Ìlà tírèénì méjì péré ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì máa pààrọ̀ ọkọ̀. Èmi á ti wà ní ẹnu sítéṣọ̀n tí ẹ máa bọ́ sílẹ̀ sí láti aago mẹ́jọ alẹ́.

Ohun tó gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má fi ìwé kankan sínú àpótí ńlá. Àpótí lè pẹ́ kó tó jáde, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú lẹ sì máa kọ́kọ́ dé kí ẹ tó rí i. Nínú báàgì ọwọ́ yín ni kí ẹ fi páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìwé báǹkì, àti àdírẹ́ẹ̀sì wa sí. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú kóòdù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE15. Òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòdù yìí ló ń sọ èyí tó jẹ́ tiwa. Físà ti di ti orí ẹ̀rọ ayélujára báyìí. Torí náà kí ẹ wọ akáùntì UKVI yín nílé, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù tó wà níbẹ̀ ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́ sórí fóònù.

Ohun kejì ni káàdì Oyster aláwọ̀ búlúù tí Mọ́mì fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí yín. Òun la fi ń san owó ọkọ̀ níbí. Pọ́n-ùn 20 ló wà lórí rẹ̀, ó sì tó fún ìrìnàjò yín láti Heathrow wá sílé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báǹkì náírà, torí pé báǹkì lè má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbí, kò sì sí bọ́ọ̀sì kankan tó ń gba owó ọwọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2014. Ẹ fi káàdì náà sí àpò kan ṣoṣo, kí ẹ má máa wá a kiri lẹ́nu géètì.

Ohun kẹta ni súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Oṣù Kẹsàn-án kò tíì tutù púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ìbàdàn bọ̀ á mọ̀ ọ́n lára lálẹ́. Ẹ má ra kóòtù ńlá nílé. Èyí tí wọ́n ń tà nílé kì í sábà nípọn tó, ó sì máa gba àyè nínú àpótí. A máa lọ rà á níbí, torí pé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù fún àánú máa ń ní èyí tó dára.

Ọ̀nà láti Heathrow

Tẹ́mínà 3 ni ọkọ̀ òfuurufú yín máa balẹ̀ sí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má yí aago yín padà. Lóṣù Kẹsàn-án, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Ó di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá kí tiwa níbí tó fi wákàtí kan pa dà sẹ́yìn.

Mo ti ṣírò wákàtí méjì fún ìwọ̀lú, àpótí, àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá jáde, ẹ ó rí àmì tírèénì. Ẹ má dá àwọn tó bá ń bèèrè bóyá ẹ fẹ́ táksì lóhùn. Owó táksì láti ibẹ̀ dé Peckham lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún owó tírèénì. Ẹ tẹ̀ lé àmì náà wọ sítéṣọ̀n tó ń jẹ́ Heathrow Terminals 2 & 3.

Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Tírèénì méjì ló ń gba pèpéle kan náà kọjá. Ọ̀kan ni Heathrow Express, èkejì ni Elizabeth line tó ní àmì aláwọ̀ elésè àlùkò. Heathrow Express yá, ṣùgbọ́n Paddington ló ń parí sí, owó rẹ̀ nìkan sì ju pọ́n-ùn 20 lọ. Káàdì yín lè ṣí géètì fún un láìsọ ohunkóhun, ẹ kò sì ní mọ̀ títí owó á fi lọ. Torí náà ẹ ka ara tírèénì àti pátákó tó wà lókè kí ẹ tó wọlé. Elizabeth line nìkan ni kí ẹ wọ̀. Bó bá kọ Abbey Wood tàbí Shenfield síwájú, kò sí wàhálà, àwọn méjèèjì ló ń dé ibi tí ẹ ń lọ.

Kí ẹ tó wọ pèpéle, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lára géètì. Ó máa dún, géètì á sì ṣí. Géètì fífẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ní àpótí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Ẹ jókòó títí ẹ ó fi dé Whitechapel. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ohùn kan á máa pe orúkọ sítéṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i kọ sójú ẹ̀rọ nínú tírèénì. Tí ẹ bá gbọ́ Liverpool Street, ẹ dìde, Whitechapel ló kàn.

Ìpààrọ̀ ọkọ̀ ní Whitechapel

Ní Whitechapel, ẹ má jáde sí ìta, ẹ má sì fi káàdì kan géètì kankan. Ẹ gba lífìtì gòkè, kí ẹ máa tẹ̀ lé àmì Windrush line. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn wá láti erékùṣù Kàríbíánì ní ọdún 1948 ni wọ́n fi sọ ìlà náà, àwọ̀ pupa ni àmì rẹ̀. Ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pèpéle rẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu pé Overground, tó yẹ kó máa rìn lókè ilẹ̀, ń gba abẹ́ Underground kọjá níbẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ ti ṣìnà.

Lórí pèpéle tó ń lọ sí gúúsù, ẹ wo pátákó. Tírèénì tó ń kọjá níbẹ̀ kì í lọ síbi kan náà. Òmíràn ń lọ sí New Cross, òmíràn sí Crystal Palace tàbí West Croydon. Èyí tó kọ Clapham Junction nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ó máa ń wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà tí ọ̀kan bá já yín sílẹ̀, ẹ kàn dúró de èkejì. Bí ẹ bá wá ṣèèṣì wọ òmíràn ńkọ́? Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Surrey Quays, ó pẹ́ tán. Ibẹ̀ ni ìlà wa ti ń yà kúrò lára tiwọn. Ẹ dúró lórí pèpéle kan náà títí Clapham Junction fi máa dé. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ní mú owó mìíràn.

Láàárín Wapping àti Rotherhithe, ẹ máa gba abẹ́ odò Thames kọjá, nínú ihò tí ọ̀gbẹ́ni Marc Brunel àti ọmọ rẹ̀ gbẹ́. Ọdún 1843 ni wọ́n ṣí i. Ẹ kò ní rí nǹkan kan, òkùnkùn ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé omi wà lórí yín.

Queens Road Peckham ni kí ẹ sọ̀ sí, kì í ṣe Peckham Rye

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ fún yín pé Peckham Rye ni sítéṣọ̀n Peckham. Òótọ́ ni, òun ló wà láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn lásán ló wà níbẹ̀, kò ní lífìtì, ẹ ó sì gbé àpótí kílò 23 méjì sọ̀ kalẹ̀ láàárín èrò. Queens Road Peckham ní lífìtì, òun náà ló sì sún mọ́ ilé wa jù. Ó ṣáájú Peckham Rye, torí náà ẹ má sùn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ Peckham kún un nígbàkígbà tí ẹ bá ń tẹ orúkọ náà sórí fóònù. Sítéṣọ̀n mìíràn wà tó ń jẹ́ Walthamstow Queen's Road, àríwá Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún ló wà. Tí ẹ bá kàn tẹ Queens Road, fóònù lè gbé yín lọ sọ́hùn-ún.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gbàgbé láti tún fi káàdì kan ẹ̀rọ yẹ́lò bí ẹ ṣe ń jáde. Nínú tírèénì, ìgbà méjì la ń kàn án, níbi tí a ti wọlé àti níbi tí a ti jáde. Bí a kò bá kàn án nígbà tí a jáde, ẹ̀rọ kò mọ ibi tí a lọ, owó tó ga jù ló sì máa yọ. Iwájú géètì yẹn ni màá wà, màá wọ fìlà pupa.

Bí Windrush line kò bá ṣiṣẹ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀, pé wọ́n ti ìlà kan pa láti tún un ṣe. Ẹ ó mọ̀ nípa pátákó tó wà ní Heathrow, tàbí kí ẹ fi Wáì-Fáì ọ̀fẹ́ tó wà níbẹ̀ wo ojú ìwé tfl.gov.uk. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ Elizabeth line kan náà, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Paddington. Ẹ jáde sí ìta, kí ẹ wá ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì 36. Ẹ rí i pé New Cross ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, nítorí pé èyí tó kọ Queen's Park ń lọ sí òdìkejì.

Bọ́ọ̀sì 36 máa gbé yín gba Victoria, Vauxhall, Oval àti Camberwell, títí dé Queens Road níwájú sítéṣọ̀n wa. Ó máa ń ju wákàtí kan lọ, ó sì pẹ́ ju tírèénì, ṣùgbọ́n kò sí ìpààrọ̀ kankan. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí pẹ̀lú àpótí yín, ẹ má gun òkè. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà kan ṣoṣo la ń kan káàdì, nígbà tí a bá ń wọlé. A kì í kàn án nígbà tí a bá ń jáde.

Ẹrù Màmá àgbà

Mo gbọ́ pé Màmá àgbà ti ń ra kílíṣí, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, àti wàrà láti fi rán yín sí Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ ti Nàìjíríà wọ ibí nínú ẹrù èèyàn, ìbáà gbẹ, ìbáà jẹ́ sísè, ìbáà wà nínú agolo. Pọ̀nmọ́ náà wà nínú rẹ̀. Mílíìkì oníyẹ̀fun fún àwa àgbà náà kò gbọdọ̀ wọlé. Bí òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù bá rí i, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì pa á run. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ lè tún rí ìjà òfin, ẹ̀yin sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí físà yín ṣì jẹ́ tuntun. Ewé tútù bí ewédú àti ewúro náà ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba nílé, torí náà ẹ fi í sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé Màmá àgbà ò ní fẹ́ kí ọwọ́ yín ṣófo. Ẹ sọ fún wọn pé ẹja gbígbẹ ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Òfin gba ẹnì kan láàyè láti mú ẹja tó 20 kílò wọlé, kílò méjì péré sì ti tó wa. Kí wọ́n gbẹ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n fi nọ́ọ́lọ̀nù méjì wé e, kó má baà rùn sára aṣọ yín. Kí wọ́n fi èlùbọ́ Ìbàdàn díẹ̀ kún un, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹni tó bá tú àpótí má baà máa rò pé ìyẹ̀fun mìíràn ni. Bí ẹ bá débi tí ọ̀nà ti pín sí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa lẹ́yìn tí ẹ gba àpótí, tí ohun kan bá sì ń kọ yín lóminú, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ náà kí ẹ fi hàn án kó tó bi yín. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ kì í jẹ̀bi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Ẹ má ru gàrí, epo pupa, ìrù, iṣu tàbí ata gbígbẹ. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní Rye Lane, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ilé wa. Ẹ má ra ohun ìyípadà iná pẹ̀lú. Ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì oníhò mẹ́ta tí ẹ ń lò nílé ni àwa náà ń lò, ṣájà fóònù yín á wọ̀ ọ́ geerege.

Ohun tí èmi fẹ́ kí ẹ bá mi mú wá ni ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, apá kìn-ín-ní àti èkejì. A ń kà á ní ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá wa, ẹ̀dà ẹyọ kan la sì ní fún gbogbo kíláàsì.

Àdúgbò, àti ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yín

Òpópónà mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Queens Road ni ti sítéṣọ̀n. Bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lórí rẹ̀, ó máa di Peckham High Street. Láti ibẹ̀, Rye Lane ni ọ̀nà tó yà sí ọwọ́ òsì, òun ni ọjà. Níbẹ̀, abọ́ ni wọ́n fi ń ta ata rodo àti tòmátì, wọn kì í wọ̀n ọ́n. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń tajà àti àwọn tó ń rà. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní iye kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n dà á sínú nọ́ọ́lọ̀nù, torí pé ìdúnàádúrà níbí kò pọ̀ bíi ti Bódìjà.

Ní òdìkejì Peckham High Street ni ilé ìkàwé Peckham wà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000. Ẹ kò lè ṣì í mọ̀, òkè rẹ̀ yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì gbé e dúró. Kọ̀ǹpútà àti Wáì-Fáì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti Queens Road lọ sí New Cross, bọ́ọ̀sì 36, 171, 177 àti 436 ló ń lọ, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni kí ẹ wọ̀. Pọ́n-ùn 1.75 ni bọ́ọ̀sì kan bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ bá ti kan káàdì lórí àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì yòówù tí ẹ bá tún wọ̀ láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kan káàdì ní aago mẹ́wàá, ẹ dé New Cross, ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì padà ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú àádọ́ta. Pọ́n-ùn 1.75 náà ló ṣì jẹ́ fún àlọ àti àbọ̀. Bó bá di aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti di owó tuntun. Káàdì kan náà ni kí ẹ lò o. Bí ẹ bá fi Oyster lọ tí ẹ fi káàdì báǹkì bọ̀, ẹ̀rọ á rò pé èèyàn méjì ni.

Ìyẹn tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ti kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ fi WhatsApp sọ fún mi, kí n lè mọ ìgbà tí màá kúrò nílé. Mọ́mì ní àmàlà àti gbẹ̀gìrì ló máa wà nílẹ̀.

Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀.

Àbúrò yín